Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí aago Seiko láti ara ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀

Nínú àwọn aago ọwọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń gbé wá bá mi láti mọ ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n, Seiko tí wọ́n ṣe láti àárín àwọn ọdún 1960 wá ló rọrùn jù lọ láti kà, nítorí pé ohun tí a ń wá wà lára ìdérí ẹ̀yìn aago náà gan-an, láìjẹ́ pé a ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, nítorí nọ́ńbà náà kì í sọ ọdún tán: òǹkà tó kẹ́yìn nínú ọdún náà nìkan ló máa ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi igi ìtayín gbígbẹ yọ ìdọ̀tí inú àwọn ibi tí wọ́n fín, kí ẹ má sì fi omi fọ̀ ọ́, torí rọ́bà tó yẹ kó dènà omi nínú aago àtijọ́ lè ti kú. Bí àwọn àmì náà bá ti ń parẹ́, ẹ jẹ́ kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe tàn sí i láti òkè. Òjìji inú ibi tí wọ́n fín yóò hàn. Nọ́ńbà méjì ni ẹ óò rí. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ òǹkà mẹ́rin, àmì ìdá, àti òǹkà mẹ́rin mìíràn. Ìkejì jẹ́ mẹ́fà tàbí méje.

Ká ní ohun tí ẹ rí ni 6139-6002 àti 3N0482. Òǹkà mẹ́rin ìṣáájú, 6139, ni orúkọ ẹ̀rọ inú aago. 6002 ni ti irú àpótí irin tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí. Nínú nọ́ńbà kejì, 3 ni òǹkà tó gbẹ̀yìn nínú ọdún, N sì ni oṣù kọkànlá. Oṣù kìíní dé ìkẹsàn-án ń lo 1 sí 9, ìkẹwàá ń lo O tàbí òdo, ìkọkànlá ń lo N, ìkejìlá sì ń lo D. Èyí tó kù kàn jẹ́ ètò tí wọ́n fi kà wọ́n tẹ̀léra nínú oṣù náà.

Ọdún wo wá ni 3 yìí? Orúkọ ẹ̀rọ ló ń dáhùn. Ọdún 1969 ni 6139 jáde, wọ́n sì ti dẹ́kun ṣíṣe é kí àwọn ọdún 1980 tó wọlé, nítorí náà kò lè jẹ́ 1963 tàbí 1983. Oṣù kọkànlá ọdún 1973 ni wọ́n ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n tà á lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ 9 ló bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ 1969 tàbí 1979, àmọ́ ojú aago a máa là á: ti ìbẹ̀rẹ̀ ní “PROOF” níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ omi, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ní “RESIST”.

Ìdérí ẹ̀yìn ṣeé pààrọ̀, mo sì ń rí èyí gan-an lára 6139. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá ojú aago, lábẹ́ 6, pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá: nọ́ńbà tíntìntín kan wà níbẹ̀ tí òǹkà mẹ́rin ìṣáájú rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 6139. Òǹkà mẹ́rin ìkẹyìn lè yàtọ̀ sí ti ìdérí, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Bó bá jẹ́ mẹ́rin ìṣáájú ni kò bára mu, a jẹ́ pé wọ́n kó aago náà jọ láti ara aago mìíràn ni, ọjọ́ orí tí ẹ kà sì di ti ìdérí nìkan.

Àwọn kan wà tí nọ́ńbà nìkan kò lè parí ọ̀rọ̀ wọn. Aago òmùwẹ̀ 7S26-0020, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí SKX007, wà lórí àtẹ láti 1996 títí di 2019, nítorí náà 8 lè jẹ́ 1998, 2008 tàbí 2018. Èmi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó aago 1998 lọ́wọ́ yín láìsí ìwé tí wọ́n fi rà á. Bí ẹ bá ní kí alágbàṣe ṣí i, ẹ ní kó wo inú ìdérí náà, torí àwọn tó ń tún aago ṣe a máa fi abẹ́rẹ́ ha ọjọ́ iṣẹ́ wọn síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ha ọdún 2003 síbẹ̀, a jẹ́ pé 2008 àti 2018 ti bọ́ kúrò nìyẹn, 1998 nìkan ló sì kù.