85 Nínú 100 Kò Sọ Ènìyàn Méjì Di Ẹnì Kan

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn tó ń bá àwọn oníṣòwò Ìlọrin tún àkọsílẹ̀ oníbàárà ṣe, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Wọ́n ní tí kóòdù bá fi orúkọ méjì wéra, tí ìjọra wọn bá ti tó 85 nínú 100, ẹnì kan náà ni: kí a pa ìlà kan rẹ́, kí a dá èkejì sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra díẹ̀ á gbé máàkì náà sókè sí 90, lójú tirẹ̀ ó ti parí.

Kò sí àríyànjiyàn pé oníbàárà kan máa ń wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé tó wà ní kàńtà láàárọ̀ kọ Sulyman, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án kọ Suleiman, ẹ̀kẹta fi orúkọ bàbá ṣíwájú. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ló mọ̀. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí máàkì ìjọra jẹ́ adájọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí máàkì náà ń kà gan-an. Mo lo `rapidfuzz`, àkójọ kóòdù tó ń fi ọ̀rọ̀ wéra, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Python ṣiṣẹ́ ló ń lò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn orúkọ yìí, ṣùgbọ́n irú wọn kún ìwé gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Ọjà Ọba dé Tankẹ́.

```python
from rapidfuzz import fuzz

fuzz.ratio("sulyman jimoh", "suleiman jimoh")            # 88.9
fuzz.ratio("abdulraheem ganiyu", "abdulrahman ganiyu")   # 88.9
fuzz.ratio("abdulraheem ganiyu", "abdulraheem ganiyat")  # 91.9
```

`fuzz.ratio` á wá lẹ́tà tó pọ̀ jù tí orúkọ méjèèjì jọ ní, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Á sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì, á wá fi àpapọ̀ lẹ́tà orúkọ méjèèjì pín in. Tí a bá ka àlàfo mọ́ lẹ́tà, ìlà kìíní jẹ́ 13 àti 14, wọ́n sì jọ ní 12. Ìlọ́po méjì 12 jẹ́ 24. A pín in fún 27, ó di 0.889, ìyẹn 88.9 nínú 100. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin, kò mọ ìdílé.

Ẹ wá wo èsì mẹ́ta yẹn dáadáa. Ìlà kìíní ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan náà tí akọ̀wé méjì kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ìlà kejì jẹ́ ọkùnrin méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ọmọ Ìlọrin tí yóò pe Abdulraheem ní Abdulrahman. Síbẹ̀ máàkì kan náà ni wọ́n gbà. Ìlà kẹta jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, bóyá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pàápàá, òun ló sì gba máàkì tó ga jù. Kí ẹ tó ní kí n gbé ààlà sókè tàbí kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ó fi í sí fún mi. Tí ẹ bá fi í sí 85, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Tí ẹ bá fi í sí 90, èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ jáde, èyí tó dájú pé irọ́ ni ló kù nílé. Kò sí nọ́ńbà kankan láàárín 0 àti 100 tó lè ya mẹ́ta yìí bó ṣe yẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ nìyí, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ dúró sí. Orúkọ wa níhìn-ín kì í pín ìtumọ̀ rẹ̀ dọ́gba sórí gbogbo lẹ́tà. Lẹ́tà márùn-ún inú Abdul kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó ń jẹ́ ẹ, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń jẹ́ ẹ. Síbẹ̀ lójú kóòdù, ẹyọ lẹ́tà kan níbẹ̀ wúwo bí ẹyọ kan níparí orúkọ. Ìparí yẹn ni iṣẹ́ wà. Ganiyu àti Ganiyat, Kabiru àti Kabirat, Basiru àti Basirat, Rasheed àti Rasheedat: lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ló ya akọ sọ́tọ̀ lára abo, ó sì yà á pátápátá. Ti Alhaji àti Alhaja tún burú jù, torí lẹ́tà kan ṣoṣo ni. `alhaji jimoh` àti `alhaja jimoh` gba 91.7. Ó lè jẹ́ tọkọtaya, ó lè jẹ́ àlejò sí àlejò.

Àwọn kan á ní kí n yọ oyè kúrò kí n tó fi orúkọ wéra. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má dà á nù. Tí ẹ bá pa Alhaja rẹ́, ohun kan ṣoṣo tó ń fi hàn pé obìnrin ni ẹ pa rẹ́ yẹn, pàápàá níbi tí akọ̀wé ti kọ orúkọ ilé nìkan. Ẹ kó oyè lọ sínú òpó tirẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ìṣirò mìíràn sàn jù, wọ́n á mú Jaro-Winkler wá. William Winkler, tó ń bá àjọ tó ń ka ènìyàn ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nígbà náà, ló gbé e jáde ní 1990: ó fi èlé kún máàkì Jaro, ìṣirò ìjọra tó ti wà ṣáájú, fún orúkọ tí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ wọn bá dọ́gba, títí dé lẹ́tà mẹ́rin. Èrò rẹ̀ ni pé àṣìkọ kì í sábà wáyé níbẹ̀rẹ̀ orúkọ. Fún orúkọ ilẹ̀ wọn, ó bọ́gbọ́n mu. Fún tiwa, ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni gbogbo ayé ti bára wọn mu. `abdulraheem` àti `abdulrahman` gba 87.9 nínú ti Jaro. Nígbà tí Winkler fi èlé tirẹ̀ sí i, ó di 92.7. Ẹ dé Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, Ola àti Olu á ṣe irú rẹ̀ fún yín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún `token_set_ratio`, ìfiwéra mìíràn nínú `rapidfuzz`. Òun ni wọ́n máa ń yàn torí kì í bínú sí orúkọ tí a kọ sódì, èyí tó dára. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú orúkọ kan bá ti wà nínú èkejì, 100 ló máa fún wọn. Ìlà tí akọ̀wé kọ `abdulraheem` nìkan sí á gba 100 pẹ̀lú gbogbo Abdulraheem inú ìwé náà. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ títò nìkan ló ń dà yín láàmú, `token_sort_ratio` tó.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ìgbà tí kóòdù bá ń so ìlà pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa, kí ààlà wà ní 85. Abdulraheem Ganiyu bá Abdulrahman Ganiyu mu ní 88.9. Abdulraheem Ganiyu kan náà bá Abdulraheem Ganiyat mu ní 91.9. Kóòdù á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agbo kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi Abdulrahman Ganiyu wé Abdulraheem Ganiyat tààrà, 81.1 ni, kò dé ààlà. Ọkùnrin yìí àti obìnrin yìí ti di ẹnì kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi wọ́n wéra rí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ yín, ẹ tò àwọn agbo láti èyí tó tóbi jù, kí ẹ wo orúkọ tó jìnnà síra jù nínú agbo kọ̀ọ̀kan.

“A ó fi nọ́ńbà fóònù tì í lẹ́yìn.” Mo gbà, ó sàn gan-an. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe díjíìtì, kí ẹ wá mú 10 tó gbẹ̀yìn, torí `0803…` àti `+234803…` jẹ́ nọ́ńbà kan náà, Excel sì máa ń gbé òdo iwájú mì. Síbẹ̀, ká ní ìwé ṣọ́ọ̀bù tó ń ta símẹ́ńtì ní àwìn ló wà níwájú wa. Ganiyu àti Ganiyat jọ ń gbé agbo ilé kan, àdírẹ́sì wọn dọ́gba, nọ́ńbà ìyá wọn ni àwọn méjèèjì sì fi sílẹ̀. Orúkọ 91.9, fóònù kan, ilé kan. Kóòdù á dì wọ́n pọ̀ láìwẹ̀yìn, gbèsè Ganiyat á sì bọ́ sọ́rùn Ganiyu. Ohun tó lè gbà wọ́n ni ìparí orúkọ, àti ìwé owó: tí ìlà méjèèjì bá ní rìsíìtì ọjọ́ kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, tí gbèsè kan ń dín kù nígbà tí èkejì ń pọ̀ sí i, ó ṣòro kó jẹ́ ẹnì kan.

Ìmọ̀ tó sọnù nínú gbogbo èyí kì í ṣe tuntun. Ní 1969, Ivan Fellegi àti Alan Sunter ní Kánádà ti gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tó ń wo bí ohun tó bá ara mu ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ká ní ènìyàn 4,000 ló wà nínú ìwé, tí 200 ń jẹ́ Jimoh. Pé ìlà méjì jọ ń jẹ́ Jimoh kò jọni lójú, ẹnì kan nínú 20 ni. Tó bá jẹ́ orúkọ tí ẹni mẹ́rin péré ń jẹ́, ẹnì kan nínú 1,000 nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Wọn ò sì pín èsì sí méjì. Mẹ́ta ni: ẹnì kan náà ni, ẹnì kan náà kọ́, àti èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò. Apá kẹta yìí ni ààlà 85 ń pa mọ́ fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lo ìfiwéra orúkọ. Mo ń lò ó, fún àtòjọ àwọn tó yẹ ká yẹ̀ wò. Níbi tí ìwé bá jẹ́ ti ìkíni ọdún Iléyá lásán, tí àṣìṣe kò ju pé ẹnì kan kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà, ó ṣeé ṣe kí ààlà gíga tó. Bóyá ní ìlú tí orúkọ wọn kò jọra báyìí, ó tún lè ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí gbèsè, owó àjọ tàbí ìwé oògùn bá wà, mi ò lè fọwọ́ sí i.

Torí náà, ẹ má fi àṣẹ `drop_duplicates` ti pandas pa ìlà kankan rẹ́ lórí ohun tí máàkì orúkọ sọ. Ẹ fi òpó tuntun kan kún ìwé, kí ẹ kọ nọ́ńbà agbo síbẹ̀, kí ìlà ìpìlẹ̀ wà bó ṣe wà, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi so wọ́n pọ̀. Tí òpó akọ-n-bábo tàbí ọjọ́ ìbí bá tako ara wọn, kí máàkì má ṣe borí rẹ̀. Ìlà tó bá kù sí iyèméjì, ẹ jẹ́ kó wà ní méjì títí oníbàárà fúnra rẹ̀ yóò fi dé kàńtà, kí akọ̀wé bi í léèrè.