Ìtúpalẹ̀ ìsọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtúpalẹ̀ kókó tó jinlẹ̀ sí i

Ọ̀pọ̀ olùwádìí tó fọ̀rọ̀ wá àwọn akọ̀ròyìn lẹ́nu wò nípa bí iṣẹ́ wọn ṣe rí ló gbà pé àkàbà ni ọ̀nà ìtúpalẹ̀. Ìtúpalẹ̀ kókó ni wọ́n kà sí ìsàlẹ̀ àkàbà náà: kó ohun tó jọra nínú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn jọ, kí o sì fi kókó kan so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun jinlẹ̀ á wá gòkè sí ìtúpalẹ̀ ìsọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń wo bí wọ́n ṣe sọ ọ̀rọ̀ àti ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ṣe. Kò sí àkàbà kankan níbẹ̀. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ń dáhùn, ẹni tó bá sì pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, ìdáhùn ìbéèrè tí kò bi ẹnikẹ́ni ló máa kọ sílẹ̀.

Nígbà tí onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Virginia Braun àti Victoria Clarke, to ìgbésẹ̀ 6 ìtúpalẹ̀ kókó sílẹ̀ ní 2006, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé kókó lè wà lójú ọ̀rọ̀, ó sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Torí náà, ìjinlẹ̀ kọ́ ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tó yà wọ́n ni ohun tí o gbà pé ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí o bá gbà pé ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i àti bó ṣe rí lára rẹ̀ hàn ọ́, kókó ni kí o lọ wá. Bí o bá gbà pé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣe, pé èèyàn ń fi í dá ara rẹ̀ láre, tàbí kó fi dẹ́bi fún ẹlòmíràn, tàbí kó fi sá fún ẹ̀bi, ìsọ̀rọ̀ ni kí o túpalẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tí a ṣẹ̀dá fún àlàyé:

Olùwádìí: Oṣù mẹ́ta láìsanwó. Ṣé ẹ ò rò ó pé kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?
Akọ̀ròyìn: (ó dákẹ́ díẹ̀) Ó le o. Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí torí owó. Iṣẹ́ tó bá wà lọ́kàn èèyàn, èèyàn á fara dà á.

Ẹni tó ń ṣe ìtúpalẹ̀ kókó á fi àmì sí i: “owó tó há sọ́wọ́ ilé iṣẹ́”, “iṣẹ́ tó wà lọ́kàn”, “ìfaradà”. Á wá wo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó kù, bóyá 15, kó rí ibi tí àwọn àmì yìí ti jọ ń yọjú. Bí wọ́n bá ń rìn pọ̀ léraléra, ó lè kọ kókó kan: “Ìfẹ́ iṣẹ́ ni àwọn akọ̀ròyìn yìí fi ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń fara da àìsanwó.” Odindi gbólóhùn ni, ó sì ń sọ nǹkan tí ẹlòmíràn lè jiyàn lé lórí. “Owó oṣù” nìkan kì í ṣe kókó, orúkọ àpótí ni. Ọ̀nà tí a fi ń dá àṣìṣe yìí mọ̀ kò le: bí o bá lè kọ àwọn kókó rẹ sílẹ̀ kí o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àwọn ìbéèrè rẹ lo kàn dà kọ. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí owó láàárín àwọn tí o bá sọ̀rọ̀, kí o sì wò ó bóyá kókó náà ṣì dúró.

Ẹni tó ń túpalẹ̀ ìsọ̀rọ̀ kò ní kúrò lórí ọ̀rọ̀ àwọn méjì yìí kíákíá. Á rí i pé ẹ̀sùn wà nínú ìbéèrè olùwádìí: kí lo ṣì ń ṣe níbẹ̀? Ìdákẹ́ díẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìdáhùn tó ń gbèjà ara rẹ̀. “Owó mi” ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí “mi” fi di “kò sẹ́ni”, tó sì wá di “èèyàn”. Ìṣòro ẹnì kan ti di òfin gbogbo akọ̀ròyìn. Anita Pomerantz, olùwádìí tó ń wo bí èèyàn ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, ti fi hàn ní 1986 pé irú ọ̀rọ̀ àṣekágbá bíi “kò sẹ́ni” tàbí “gbogbo ìgbà” ni àwọn èèyàn máa ń lò nígbà tí wọ́n bá rò pé ẹni tó ń gbọ́ lè má gba tiwọn. “Ṣé ẹ mọ̀” ń fa olùwádìí wọ inú ọ̀rọ̀, kó lè fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹ gbèsè ńkọ́? “Wọn” lásán ló pè é, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì pòórá. Ohun tí olùtúpalẹ̀ yìí lè sọ ni pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ iṣẹ́ ló sọ gbèsè agbanisíṣẹ́ di ìwọ̀n ìwà òṣìṣẹ́.

Kò lè sọ pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló mú akọ̀ròyìn náà dúró lóòótọ́. Kò sì lè sọ iye akọ̀ròyìn tí wọ́n jẹ lówó. Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù: àwọn olùwádìí á kọ “ìtúpalẹ̀ ìsọ̀rọ̀” sí orí kẹta iṣẹ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀nà ìwádìí, wọ́n á kó àyọkà jọ sábẹ́ “ìsọ̀rọ̀ owó” àti “ìsọ̀rọ̀ ààbò”, wọ́n á wá parí rẹ̀ pé owó akọ̀ròyìn kéré. Charles Antaki, tó ń túpalẹ̀ ìsọ̀rọ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kìlọ̀ ní 2003 pé àkópọ̀ ohun tí èèyàn sọ, tàbí àyọkà tí a kàn tò lé ara wọn, kò tíì di ìtúpalẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé akọ̀ròyìn mọ ọ̀rọ̀ tò, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ẹni yọ, nítorí náà ìsọ̀rọ̀ nìkan ló yẹ ká túpalẹ̀. Òótọ́ ni apá àkọ́kọ́, àmọ́ kò fi dandan lé èkejì. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe àwọn akọ̀ròyìn tí kò ní àdéhùn iṣẹ́, ìtúpalẹ̀ kókó ló máa wúlò fún wọn. Kí o tó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ jáde, kọ gbólóhùn tí o fẹ́ lè sọ níparí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ohun tí wọ́n ń là kọjá ni…”, kókó ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àìsanwó, ohun tí wọ́n ń ṣe ni…”, ìsọ̀rọ̀ ni.

Ìdí tó fi yẹ kí o kọ gbólóhùn yìí ṣáájú ni pé àkọsílẹ̀ ohùn ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀. Fún kókó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́ ti tó, wákàtí ohùn kan sì sábà máa ń gba wákàtí 4 sí 6 láti kọ. Fún ìsọ̀rọ̀, ìbéèrè rẹ, ìdákẹ́, àtúnsọ àti ẹ̀rín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ó sì lè ju wákàtí 10 lọ. Bí ẹni tó bá ọ kọ ọ́ bá ti yọ ìbéèrè kúrò tó sì tún gbólóhùn ṣe, ìdáhùn òkè yẹn á di “Wọn ò tíì san owó mi, àmọ́ mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi.” “Mo fẹ́ràn” kò sí lẹ́nu akọ̀ròyìn náà rárá. O ní láti padà sídìí ohùn, bí o kò bá tíì pa á rẹ́.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Ìtúpalẹ̀ kókó lè fi ìlà kan péré hàn òǹkàwé. Ìtúpalẹ̀ ìsọ̀rọ̀ ní láti tẹ àyọkà gígùn jáde bí ẹni náà ṣe sọ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ tó máa ń kó sẹ́nu pẹ̀lú. Ní yàrá ìròyìn tí èèyàn 8 ń ṣiṣẹ́, olóòtú á dá a mọ̀ bí o tilẹ̀ yí orúkọ padà. Sọ èyí fún akọ̀ròyìn náà kó tó fọwọ́ sí ìwé ìgbàṣẹ, kí o sì fi àyọkà tí o fẹ́ tẹ̀ jáde hàn án kó tó jáde.