Bí àrùn ọmú ṣe ń ti ọwọ́ wọ ara màlúù

Ẹni tó ń se wàrà ní Ìlọrin lè fura kí ẹni tó ni màlúù tó fura. Mílíìkì tí wọ́n gbé wá láti gáà láàárọ̀ funfun, kò rùn, kò sì sí ohun tí ojú rí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá gbé e kaná, tó sì da omi ewé bòmubòmu sí i, kò ní dì bó ṣe máa ń dì. Á rọ̀, á máa fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, wàrà tó jáde nínú rẹ̀ á sì kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti bu omi là á, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó tún lè jẹ́ pé ọmú màlúù kan tàbí méjì nínú agbo náà ló ń ṣàìsàn láìwú, nítorí pé ọmú tó ń ṣàìsàn kì í lè ṣe èròjà tó ń mú wàrà dì tó bó ṣe yẹ, iyọ̀ a sì máa pọ̀ nínú mílíìkì rẹ̀.

Mẹ́rin ni ọmú màlúù pín sí, oníkálukú ló sì dá dúró. Mílíìkì inú ọ̀tún iwájú kò ní ọ̀nà tó lè gbà dé òsì ẹ̀yìn. Nítorí náà, ọ̀kan lè bàjẹ́ kí mẹ́ta yòókù máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ihò tín-ín-rín tó wà ní ṣóńṣó orí ọmú ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé. Lásìkò tí wọn kò bá fún ọmú, iṣan kan máa ń fún ihò yìí pa, ohun kan tó dà bí ìda a sì dí i láti inú. Nígbà tí wọ́n bá fún ọmú tán, ihò náà kì í pa dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, nígbà mìíràn ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó pa dé dáadáa. Àárín ìgbà yẹn ló léwu jù.

Ọ̀nà méjì ni kòkòrò náà ń gbà débẹ̀. Ti àkọ́kọ́ wà nínú ìgbẹ́ àti ẹrẹ̀. Lásìkò òjò, tí ibi tí wọ́n ń so màlúù mọ́ bá ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, màlúù tó bá dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe fún ọmú rẹ̀ tán ti gbé ihò tó là sílẹ̀ lé orí ìgbẹ́ nìyẹn. Ìkejì ló ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jù: inú ọmú màlúù tó ń ṣàìsàn àti ojú egbò orí ọmú ni kòkòrò tirẹ̀ ń gbé, ọwọ́ ẹni tó ń fún ọmú ló sì ń gbé e kiri. Àkísà tó nu ti màlúù kan tó tún nu ti òmíràn lè gbé e, ìgò òrí tí gbogbo ìka ń wọ̀ náà lè gbé e. Ẹnu ọmọ màlúù pàápàá lè gbé e láti ọmú kan sí èkejì. Eégbọn tó bá já orí ọmú jẹ ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì.

Ká mú gáà kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo ṣe àpẹẹrẹ, tó ní màlúù funfun márùn-ún tí wọ́n ń fún ọmú wọn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, láàárọ̀. Ọkùnrin kan ló ń fún gbogbo wọn. Á jẹ́ kí ọmọ màlúù kọ́kọ́ mu díẹ̀ kí mílíìkì lè sọ̀ wálẹ̀, á so ọmọ náà mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, á ti ìka bọ inú mílíìkì tó wà nínú igbá kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa yọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Bó bá parí èyí, ó di orí èkejì pẹ̀lú ọwọ́ kan náà. Kíkọ́kọ́ fi ọmọ mu kò burú rárá, torí òun ló ń jẹ́ kí mílíìkì sọ̀. Ìka tó ń bọ inú igbá ni ìṣòro. Bí ẹni kejì nínú àwọn màlúù náà bá ní àrùn, ẹni kẹta, ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún ti gba tiwọn kí oòrùn tó mú, mílíìkì inú igbá sì ti gba tirẹ̀.

Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọṣẹ. Kẹ́ẹ̀gì omi kan tí wọ́n dá lu nísàlẹ̀, tí wọ́n fi igi dí, ti tó láti máa fọ ọwọ́ láìdá omi ọwọ́ padà sínú èyí tó mọ́. Wọ́n á fọ ọwọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín màlúù kan sí òmíràn. Kí ọmọ màlúù tó fẹnu kàn án, wọ́n á fún ìṣàn méjì tàbí mẹ́ta láti inú ọmú kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ dúdú tí wọ́n nà bo ẹnu ife. Lórí aṣọ dúdú ni ojú ti ń rí bí mílíìkì bá ní èédìdì wẹ́wẹ́, tàbí tó ṣàn bí omi, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Orí ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fún un sí, torí ẹsẹ̀ màlúù á tẹ̀ ẹ́, á sì gbé e kiri.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu díẹ̀, orí ọmú nìkan ni kí wọ́n fọ̀. Ẹni tó bá da omi sí gbogbo àpò ọmú rò pé òun ń ṣe ìmọ́tótó ni, ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí náà á ṣàn wálẹ̀, á sì kóra jọ sí ṣóńṣó orí ọmú gan-an, níbi tí ihò wà. Ó sàn kí wọ́n má fọ ọmú tí kò dọ̀tí rárá ju kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì fún un ní tútù. Lẹ́yìn fífọ̀, wọ́n á nù ún gbẹ. Màlúù márùn-ún túmọ̀ sí aṣọ ìnura márùn-ún, tí wọ́n á sè nínú omi gbígbóná tí wọ́n á sì sá sí oòrùn kó tó di ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni mílíìkì fi máa ń sọ̀, nítorí náà kì í ṣe àkókò tí wọ́n á fi dúró gba ìpè fóònù.

Bí wọ́n bá fún un tán tí ọmọ sì ti mu ìyókù, wọ́n á ri orí ọmú kọ̀ọ̀kan bọ oògùn áyódíìnì nínú ife kékeré. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmú màlúù ló dára jù. Níbi tí kò bá sí, áyódíìnì pófídóònì tí kẹ́míìsì ń tà fún egbò, èyí tí wọ́n kọ 10% sí lára, ṣeé lò: ìwọ̀n kan rẹ̀ sí ìwọ̀n kan omi tó mọ́, kí wọ́n fi gílísíríìnì díẹ̀ sí i kí orí ọmú má baà sán, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣí tàbí tí ìgbẹ́ bá kán sí i, wọ́n á dà á nù. Bí ọmọ bá tún padà wá mu lẹ́yìn èyí, á lá oògùn náà kúrò, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, wọ́n á yà wọ́n, wọ́n á sì gbé dúsà tàbí ewé ẹ̀pà síwájú ìyá kó lè wà lórí ìdúró títí ihò ọmú á fi pa dé.

Àmọ́ aṣọ dúdú kò lè fi ọmú tó ń ṣàìsàn láìwú hàn. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, irú Ómò, ló ń ṣe ìyẹn. Wọ́n á po ṣíbí tíì mẹ́fà, kó má ga lórí, mọ́ omi ìdajì lítà. Wọ́n á fún mílíìkì ọmú kọ̀ọ̀kan sínú ife tirẹ̀, mẹ́rin fún màlúù kan, wọ́n á bu omi ọṣẹ tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà sí i, wọ́n á sì rọra máa yí ife náà fún bí ìṣẹ́jú kan. Mílíìkì ọmú tó dá ṣáká á máa ṣàn bí omi. Ti ọmú tó ń ṣàìsàn á ki, á yọ̀ bí ilá, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ara tó ti rọ́ lọ síbẹ̀ láti bá àrùn jà ni ọṣẹ náà ń fọ́, tí ohun inú wọn sì ń mú mílíìkì náà ki. Màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tàbí tí mílíìkì rẹ̀ ti fẹ́ gbẹ, lè yọ̀ báyìí nínú ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìṣàìsàn. Ìyàtọ̀ láàárín ife kan sí èkejì ni kí wọ́n máa wò.

Ní gáà tí a mú ṣe àpẹẹrẹ, ká ní màlúù kejì yọ̀ nínú ife òsì ẹ̀yìn, èédìdì sì hàn lórí aṣọ dúdú, àmọ́ ó ń jẹun, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Láti ọjọ́ náà, òun ni wọ́n á máa fún kẹ́yìn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àkọ́kọ́ ló ń ṣíwájú, àwọn àgbà tó dá ṣáká a tẹ̀ lé e. Wọ́n á máa fún ọmú tó ń ṣàìsàn náà gbẹ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́ sínú ohun tí wọ́n á dà nù, wọ́n á sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Bí ó bá jẹ́ pé màlúù náà kọ oúnjẹ ni, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ọmú náà tutù tó sì ń dúdú, ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran, ibẹ̀ kò jìnnà sí púpọ̀ nínú àwọn gáà agbègbè ìlú náà.

Oògùn tí wọ́n sábà ń lò wà nínú túùbù kékeré tó ní ẹnu ṣóńṣó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gba ihò orí ọmú wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ọmú náà gbẹ, wọ́n á fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípírítì nu ihò náà títí òwú á fi mọ́, wọ́n á sì ki ẹnu oògùn náà bọ̀ ọ́ díẹ̀ péré. Túùbù kan fún ọmú kan ni. Ẹni tó pín ọ̀kan fún ọmú méjì ti gbé àrùn láti ọ̀kan sí èkejì. Iye ìgbà tí dókítà bá ní kí wọ́n lò ó ni kí wọ́n lò, kódà bí mílíìkì bá ti mọ́ ní ọjọ́ kejì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn ní ọjà màlúù, tí wọ́n gún lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì dákẹ́, ló ń sọ àrùn tó ṣeé wò di èyí tó ń padà wá.

Iye ọjọ́ tí wọn kò gbọdọ̀ ta mílíìkì wà lára páálí oògùn, láti ìgbà tí wọ́n lo ti ìkẹyìn ni wọ́n sì ń kà á. Ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kàn, torí oògùn náà ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé àwọn yòókù. Ibí yìí ni wàrà ti ń tanni jẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi mílíìkì olóògùn ṣe nọ́nò, ó lè kọ̀ kó má kan, nítorí oògùn ti pa kòkòrò tó ń mú un kan. Ṣùgbọ́n ewé bòmubòmu kò nílò kòkòrò kankan láti mú wàrà dì. Wàrà olóògùn á dì, á sì dùn ún dín, iná kò sì ní jó púpọ̀ nínú oògùn náà dànù. Ẹni tó ń se wàrà kò ní ọ̀nà láti mọ̀, àfi bí ẹni tó fún ọmú bá sọ fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á tún fi omi ọṣẹ wo màlúù kejì. Bí òsì ẹ̀yìn bá ṣì ń yọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú kòkòrò tó ń mọ odi yí ara rẹ̀ ká nínú ẹran ọmú, tí oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mílíìkì bá ṣì ń sọ̀. Àsìkò tó sàn jù láti gbá a mú ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ mílíìkì rẹ̀, ní bí oṣù méjì kó tó bímọ, torí oògùn tó lágbára tó sì ń pẹ́ nínú ara ni wọ́n lè fi sí ọmú nígbà náà láìsí mílíìkì tí wọ́n ń tà. Bó bá tún padà lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n jẹ́ kí iye ọjọ́ tí oògùn fi ń wà nínú ẹran pé, kí wọ́n wá fà á lọ sí ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo fún alápatà, kì í ṣe fún ẹlòmíràn tó fẹ́ máa fún ọmú rẹ̀.