Àìpé ọdún 10 kò lè mú owó pẹ́nṣọ̀n yín ṣègbé

Ẹ bá àwọn aránṣọ Lágéré sọ̀rọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, tàbí àwọn aláṣọ ọjà Àtàkúnmọ̀sà n'Íléṣà, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ọdún mẹ́wàá gbáko lèèyàn gbọ́dọ̀ fi dá pẹ́nṣọ̀n. Tó o bá dúró lójú ọ̀nà, ìjọba ti gbé e mì nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà ní orísun, àmọ́ kò kan owó oníṣẹ́ ọwọ́.

Ètò àtijọ́ ti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ti wá. Nínú ètò yẹn, òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀. Ìjọba ló ń san gbogbo rẹ̀ nígbà tó bá fẹ̀yìntì. Ẹni tó ń sanwó ló sì ń pàṣẹ: tó o bá lo ọdún 5, o lè gba gírátúítì; tó o bá lo ọdún 10, o lè gba pẹ́nṣọ̀n. Ẹni tó bá kúrò ṣáájú á lọ lọ́wọ́ òfo. Ìyẹn ló ṣì wà lọ́kàn àwọn èèyàn.

Òfin pẹ́nṣọ̀n ti 2004, àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2014, yí i padà. Báyìí, kálukú ló ní àkáǹtì tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Owó tó bá ti wọ ibẹ̀ ti di tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé iṣẹ́ pẹ́nṣọ̀n tó ń fi owó náà ṣòwò kọ́ ló sì ń pa á mọ́ sọ́wọ́; ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe ìyẹn.

Ohun kejì tó ń da èèyàn láàmú ni ìdá tí wọ́n ń yọ. Òṣìṣẹ́ tó ní ọ̀gá ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá á fi ìdá 10 kún un. Aránṣọ tó dá dúró kò ní ìdá kankan tí wọ́n là kalẹ̀ fún un. Ó lè san iye tó bá wù ú, lójoojúmọ́, lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́yìn ọdún iléyá nígbà tí owó bá wọlé. Ibi tó ti kù díẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí yóò fi ohunkóhun kún un.

Ètò irú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta 2019 pẹ̀lú orúkọ Micro Pension Plan. Nínú ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo owó tó bá wọlé ń pín sí méjì: ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún pàjáwìrì, ìdá 60 fún ìfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ lè máa gba nínú ti pàjáwìrì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ti ìfẹ̀yìntì di ìgbà tí ẹ bá pé ẹni 50 ọdún, tàbí tí àìlera bá mú yín fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti aránṣọ kan tó ń dá 500 náírà lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. 13,000 ni lóṣù kan, 39,000 ni lóṣù mẹ́ta, láìka èrè. Nínú rẹ̀, 15,600 wà fún pàjáwìrì, 23,400 fún ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀rọ ìránṣọ bàjẹ́, ó gba 15,000. 600 ló kù fún pàjáwìrì. 23,400 kò kúrò lójú kan. Kò wá sanwó mọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Kò sí ìtanràn, àkáǹtì kò kú. Lọ́jọ́ tó bá tún mú 500 wá, 200 á lọ sí pàjáwìrì, 300 á lọ sí ìfẹ̀yìntì.

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo owó rẹ̀ ra àgbò lọ́dún yìí, ọ̀dọ̀ alájọ ni kó gbà lọ, bí alájọ tiẹ̀ ń mú ti ọjọ́ kan lóṣù. Pẹ́nṣọ̀n kò ní dá ìdá 60 yẹn padà fún un.

Ibi tí owó ti ń ṣègbé ní tòótọ́ ni ọwọ́ ẹni tó ń gbà á. Bí aṣojú kan bá gba owó lọ́wọ́ yín tí kò san án sí àkáǹtì, kò sí nínú pẹ́nṣọ̀n rárá, bó ti wù kí ìwé kékeré tó kọ fún yín pọ̀ tó. Ẹ san án fúnra yín ní báǹkì tàbí lórí fóònù, kí nọ́ńbà PEN yín wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé àkáǹtì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ pẹ́nṣọ̀n yín, kí ẹ fi wé ẹ̀rí ìsanwó yín. Oṣù tí ẹ san tí kò hàn níbẹ̀ ni kí ẹ mú ẹ̀rí rẹ̀ lọ bá wọn; bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ wọn. Kí orúkọ tó wà lórí NIN àti èyí tó wà ní báǹkì bára mu pẹ̀lú, nítorí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbowó, lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lè dá a dúró.