Ẹsẹ̀ ẹranko nínú ẹrẹ̀: èékánná kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹkùn ni

Ní Kétu àti àwọn abúlé tó yí i ká, bí òjò bá ti dá tí ẹnì kan sì rí ojú ẹsẹ̀ ẹranko nínú ẹrẹ̀ lọ́nà oko, fóònù ni yóò kọ́kọ́ yọ. Á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé ẹkùn ti sún mọ́ oko, àwọn obìnrin ò ní lọ gbé ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá béèrè ohun tó mú wọn mọ̀ pé ẹkùn ni, ohun méjì ni wọn yóò sọ: èékánná rẹ̀ hàn, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì tóbi. Ohun tí wọ́n sọ ṣáájú yẹn, òdìkejì ọ̀rọ̀ wọn ló ń tọ́ka sí. Èkejì sì jẹ́ ohun tí ojú lásán kò lè fi mọ̀ nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èékánná. Ẹkùn, kìnnìún àti ológbò ilé, ìdílé kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, èékánná wọn máa ń wọnú àkọ̀ lókè ìka, kì í kan ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń mú. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ di ẹran mú, tàbí tí wọ́n fẹ́ gun igi, ni wọ́n ń yọ ọ́. Ajá kò ní irú àkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìta ni èékánná tirẹ̀ ń wà tọ̀sán-tòru, ó sì ń fẹnu gbálẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Bákan náà ni ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ti ìkookò àti ti ẹtà. Nítorí náà, bí èékánná bá hàn nínú ẹrẹ̀, ajá tàbí ẹranko tó ń rìn bíi tirẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, kì í ṣe ẹkùn. Ẹ̀rù èékánná ló ń ṣì wá lọ́nà: a rò pé ẹni tó bá ní ohun ìjà tó mú jù ló gbọ́dọ̀ fi í hàn jù.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin kan rọ́pò òmíràn kó sì dúró síbẹ̀. Ẹrẹ̀ ń yọ̀. Bí ẹkùn bá ń gun etí odò tó ń yọ̀, ó lè yọ èékánná láti fi di ilẹ̀ mú. Ajá tó sì ń sáré lórí ọ̀dà lójoojúmọ́ lè ti lo èékánná tirẹ̀ tán, débi pé ẹrẹ̀ líle kò ní gbà á sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹrẹ̀ tó rọ̀ gan-an máa ń ya padà bo ihò kékeré tí èékánná dá. Ìrísí ihò náà wúlò ju wíwà rẹ̀ lọ: ti ajá máa ń nípọn, kì í mú, ó sì sún mọ́ orí ìka, ti ẹkùn tàbí ológbò máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún ilẹ̀, ó sì jìnnà díẹ̀ síwájú ìka.

Ibi tí òtítọ́ pọ̀ sí jù ni ẹran ńlá tó wà lẹ́yìn àwọn ìka mẹ́rin, èyí tí mo máa pè ní tìmùtìmù àtẹ́lẹsẹ̀. Ti ìdílé ẹkùn fẹ̀, ó tóbi gan-an bí a bá fi wé àwọn ìka. Etí rẹ̀ níwájú tẹ́, tàbí kó jìn díẹ̀ láàárín, etí ẹ̀yìn rẹ̀ sì pín sí ìkókó mẹ́ta. Ti ajá kéré, ó rí bí igun mẹ́ta, orí rẹ̀ níwájú jẹ́ ẹyọ kan tó yí róbótó. Àwọn ìka náà ń sọ̀rọ̀ tiwọn. Ìka méjì àárín ti ajá máa ń bára dọ́gba, tí méjì ẹ̀gbẹ́ á sì fà sẹ́yìn lọ́gbọọgba. Ti ẹkùn, ọ̀kan nínú méjì àárín máa ń ṣíwájú èkejì, bí ìka àárín ọwọ́ wa ṣe ń ga ju àwọn tó kù lọ, débi pé ẹ lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí ti òsì.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi yẹ fọ́tò wò, nítorí kò gba ìwọ̀n kankan. Ẹ fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí àwòrán náà: kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àlàfo tó wà láàárín ìka ẹ̀gbẹ́ kan àti tìmùtìmù, kó kọjá láàárín ẹsẹ̀, kó sì jáde láàárín ìka àárín àti ìka ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ẹsẹ̀ ajá, ìlà méjèèjì máa ń kọjá láìkan ìka tàbí tìmùtìmù, òkìtì ẹrẹ̀ kékeré sì sábà máa ń wà níbi tí wọ́n ti pàdé. Ní ẹsẹ̀ ẹkùn, tìmùtìmù ńlá yẹn ti gba ọ̀nà, ìlà náà á gùn ún.

Kí ẹ tó fa ìlà kankan ṣá, ẹ wo ibi tí òòrùn ti wá. Ojú wa gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá nígbà gbogbo. Bí ẹni tó ya fọ́tò bá dúró débi pé òòrùn ń ti ìsàlẹ̀ àwòrán tan wá, ihò á dà bí òkìtì, òkìtì á dà bí ihò. Mo ti rí àwọn tó ń bá ara wọn jiyàn lórí ìka mélòó ló wà, nígbà tó jẹ́ pé àlàfo àárín ìka ni ọ̀kan nínú wọn ń kà. Ẹ yí fọ́tò náà padà, kí orí rẹ̀ di ìsàlẹ̀. Bí ohun tó yọ síta tẹ́lẹ̀ bá wá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kà á.

Ó kù ọ̀rọ̀ títóbi, èyí tó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù. Lásìkò òjò àkọ́rọ̀, ọmọkùnrin kan fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi láti ojú ọ̀nà oko wọn ní apá igbó Dógò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹkùn ni, àbí? Ẹ wò ó bó ṣe rí roboto." Òótọ́ ni, ó rí roboto, ẹsẹ̀ ìdílé ẹkùn sì máa ń rí roboto ju ti ajá lọ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló yà, òjò alẹ́ ọjọ́ náà sì ti fọ ibẹ̀, kò sí ibi tí a lè padà sí. Ṣùgbọ́n ìdérí ìgò bíà kan wà nínú fọ́tò náà, ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ìdérí yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀.

Ìdérí ìgò bíà fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ó sì yí róbótó. Nígbà tí mo fi rúlà wọn ọ́n lójú fóònù, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.5 láti ọ̀tún sí òsì, ṣùgbọ́n láti òkè sí ìsàlẹ̀ 1.2 péré ni. Ohun róbótó kì í ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í kúrú jù ú lọ. A jẹ́ pé ọmọ náà dúró sẹ́yìn, ó fi fóònù dagun sí ilẹ̀, gbogbo ohun tó gùn lọ síwájú nínú fọ́tò sì ti kúrú sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹsẹ̀ ẹranko náà kọjú síwájú. Lójú fóònù, ó fẹ̀ tó 2.8, ó sì gùn tó 2.8, òun ló fi dà bí roboto. Tí a bá wá dá a padà sí bó ṣe wà nílẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ 2.8 tí a pín sí 1.5, tí a fi 3 sọ di púpọ̀, èyí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.6. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 2.8 tí a pín sí 1.2, tí a tún fi 3 sọ di púpọ̀, èyí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7. Ẹsẹ̀ náà kì í ṣe roboto rárá. Ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, bíi ti ajá.

Sẹ̀ǹtímítà 7 ṣì lè dẹ́rù bani, nítorí ẹsẹ̀ ẹkùn kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n etí òkè ihò ni mo wọ̀n yẹn, etí òkè kì í sì í ṣe ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì sínú ẹrẹ̀, ó ń ti ẹrẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń jáde, ó ń fà á ya. Bí ẹrẹ̀ bá ṣe jìn tó ni ẹnu ihò á ṣe gbòòrò tó. Ìsàlẹ̀ ihò, níbi tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ti pàdé ògiri rẹ̀, ni àtẹ́lẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ dé. Nígbà tí mo wọn ìyẹn, ó fẹ̀ tó 2.2, ó sì gùn tó 2.4 lójú fóònù, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.4 ní ìbú àti 6 ní gígùn nílẹ̀. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ihò jìnnà sí fóònù ju ìdérí lọ, ó lè fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò tó ohun tó ń yí èsì padà. Ajá ọdẹ tó sanra dáadáa ń tẹ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tìmùtìmù rẹ̀ jẹ́ igun mẹ́ta tí orí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ìka méjì àárín bára dọ́gba, ìlà méjèèjì sì kọjá láìfarakan ohunkóhun. Èékánná rẹ̀ nípọn, wọ́n wà lórí ìka.

Ohun kan wà tó máa ń sọ ẹsẹ̀ kékeré di abàmì, kò sì sí nínú fọ́tò yẹn, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sábà máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sórí ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ti kúrò. Bí kò bá bọ́ sójú kan náà gan-an, méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, á di ẹsẹ̀ kan tó gùn, tó ní ìka mẹ́fà tàbí méje. Ìgbà náà ni ẹ ó gbọ́ pé ẹranko tí ẹnì kankan kò rí rí ti gba oko kọjá. Ẹ wá tìmùtìmù kejì nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹsẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Mo dá ọmọ náà lóhùn pé kì í ṣe ẹkùn. Ó ní, "Ajá ta ni, ẹ̀gbọ́n?" Ìyẹn ni fọ́tò kò lè sọ. Kò tilẹ̀ lè fi gbogbo ara sọ pé ajá ni, nítorí ẹtà náà ń tẹ ìka mẹ́rin pẹ̀lú èékánná, ìka karùn-ún rẹ̀ kì í sábà kan ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kéré, ó sì máa ń rí roboto ju èyí lọ. Ká ní ó ya ẹsẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tẹ̀ léra ni, ìrìn ẹranko náà ì bá ti bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó lọ gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀, àti pé bí òun bá tún rí ẹsẹ̀, kó gbé fóònù dúró ṣánṣán lókè rẹ̀, kó fi owó ẹyọ tàbí ìdérí ìgò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì ya èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú.