Bí Fọ́tò Ṣe Di Àwòrán Ọ̀dà, àti Ibi tí Ilà Ojú Bọ́ Sí

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ìlú Tübingen lórílẹ̀-èdè Jámánì, Leon Gatys, Alexander Ecker àti Matthias Bethge, gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó di orísun ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà sọ fọ́tò di àwòrán ọ̀dà tàbí kàtúùnù. Wọ́n mú fọ́tò àwọn ilé kan tí ó tò sí etí odò Neckar nínú ìlú wọn, wọ́n sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún un yà bí ẹni pé ayàwòrán Vincent van Gogh ló fi ọ̀dà rẹ̀ kùn ún. Ilé ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀, kì í ṣe ojú ènìyàn. Bí fèrèsé ilé bá wọ́ díẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé ilé náà kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹyinjú òsì bá wọ́ ní ìwọ̀n kan náà, ọmọ ẹni tí a yà yóò ní kì í ṣe ìyá òun.

Ẹ̀rọ adámọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní VGG-19, tí àwọn ará Oxford ti kọ́ láti máa dá nǹkan inú fọ́tò mọ̀, ni wọ́n gùn lé. Ìpele 19 ni fọ́tò ń gbà kọjá nínú rẹ̀. Àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ń rí etí nǹkan àti àwọ̀, àwọn ti òkè sì ń rí odindi nǹkan. Wọ́n gba ohun tí ìpele òkè kan rí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó wà nínú fọ́tò. Ní ti ọwọ́ ayàwòrán, ìyẹn ohun tí a fi ń mọ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan yàtọ̀ sí ti èkejì, wọ́n kàn ṣírò iye ìgbà tí àwọn àrà kéékèèké inú àwòrán náà ń pàdé ara wọn, wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láì bèèrè ibi tí wọ́n ti pàdé. Ó dà bí ẹni tí ó ka iye ìgbà tí òwú pupa àti òwú funfun pàdé nínú aṣọ òkè, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá létí aṣọ ni tàbí láàárín. Lẹ́yìn èyí ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọ̀ tí ó fọ́n káàkiri, tí ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí tí ìṣirò méjèèjì fi bá a mu.

Nítorí pé ìṣirò ọwọ́ kò mọ ibì kankan yàtọ̀ sí ibòmíràn, ìjì tí van Gogh yà sí ojú ọ̀run lè bọ́ sí iwájú orí ènìyàn. Ní ọdún 2016, Ahmed Selim, Mohamed Elgharib àti Linda Doyle ní Dublin wá ọ̀nà àbáyọ fún ojú nìkan. Wọ́n kọ́kọ́ fa ojú inú àwòrán ọ̀dà náà títí tí ẹyinjú fi bọ́ sórí ẹyinjú tí ẹnu sì bọ́ sórí ẹnu, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè gba ọ̀dà láti ara ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbéṣẹ́, àmọ́ àwòrán tí ó kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kò lè wọ fọ́tò tí ó kọ ojú síwájú. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn mìíràn mú iṣẹ́ náà yá débi tí ó fi wọ inú fóònù.

Kàtúùnù tún le ju ọ̀dà lọ, nítorí pé kì í ṣe àwọ̀ nìkan ló ń yí padà: ẹyinjú ń tóbi, àgbọ̀n sì ń kúrú. Justin Pinkney àti Doron Adler ló ṣí ọ̀nà èyí ní ọdún 2020 pẹ̀lú Toonify. Wọ́n mú StyleGAN, ẹ̀rọ tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń dá ojú sílẹ̀ láti inú fọ́tò 70,000, wọ́n fi ojú kàtúùnù díẹ̀ kọ́ ẹ̀dà rẹ̀ kan, wọ́n sì so àwọn ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀: ìpele tí ó ń pinnu bí ojú ṣe rí wá láti ọ̀dọ̀ ti kàtúùnù, ìpele tí ó ń kun awọ ara wá láti ọ̀dọ̀ ti fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ tún fọ́tò rẹ yà. Ohun tí kò bá mọ̀, kò lè yà á.

Kí ojú má baà sọnù, àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn fi ArcFace ṣe adájọ́. Ẹ̀rọ yìí ń sọ ojú kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà 512; bí nọ́ńbà fọ́tò àti ti kàtúùnù bá jìnnà síra, a ó fìyà jẹ ẹ̀rọ ayàwòrán náà títí yóò fi sún mọ́ ọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹ̀rọ ayàwòrán kan tí ń jẹ́ InstantID lo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi ojú àmì márùn-ún kún un: ẹyinjú méjèèjì, imú, àti igun ẹnu méjèèjì.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú márùn-ún yẹn. Ìdílé kan láti Ìkẹ́rẹ́ gbé fọ́tò ìyá wọn wá bá mi ní Adó-Èkìtì; wọ́n fẹ́ kàtúùnù tí wọn yóò tẹ̀ sára abẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe jọ ọ́ dáadáa, adájọ́ onínọ́ńbà náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ojú Yèyé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fọ ilà wọn kúrò?"

Mo jókòó ṣe ìṣirò. Fọ́tò tí ArcFace ń wò kò ju píksẹ́ẹ̀lì 112 lọ ní ìbú. Bí ojú bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14, tí ilà kan sì fẹ̀ tó mìlímítà 2, ilà náà kò tó píksẹ́ẹ̀lì 2 níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé adájọ́ náà kò rí i rí, nítorí náà kò sí ìyà fún ẹni tí ó pa á rẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń yà á, ní tirẹ̀, ka ilà sí ara ọ̀nà tí a gbà kun awọ ara, bí ìgbà tí ó jẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ni. Lójú tiwa, ilà wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. (Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ ṣe àfihàn ní Wembley lọ́dún 1924, kò ya imú Ògògà bí ó ṣe rí gan-an, adé àti ìjókòó ni a fi mọ ọba níbẹ̀. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ohun tí yóò fi dáni mọ̀.)

Mo padà sínú fọ́tò àkọ́kọ́. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, mo jẹ́ kí ó rí bàìbàì débi tí ìlà kéékèèké kò hàn nínú rẹ̀ mọ́, mo sì yọ ẹ̀dà yìí kúrò lára fọ́tò gidi. Àwọn ìlà tín-ín-rín nìkan ló kù. Mo gé ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde nínú wọn, mo sì gbé e lé kàtúùnù náà. Níbẹ̀ ni wàhálà tuntun ti dé: ẹyinjú kàtúùnù ti tóbi débi tí ó gba òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí pélé sì wọ abẹ́ ìpéǹpéjú. Bí mo bá gé e kúrú, kì í ṣe pélé Yèyé mọ́. Nítorí náà mo fi igun ẹnu ṣe ibi tí mo ti ń wọ̀n ọ́n dípò ẹyinjú, mo sún gbogbo rẹ̀ wá sísàlẹ̀, mo sì fi gígùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo gbé fọ́tò àti kàtúùnù sórí ara wọn ní ìwọ̀n kan náà, mo ń ṣí ọ̀kan mo ń pa èkejì dé kíákíá. Ohun tí ó bá sọnù máa ń ṣẹ́jú sí ènìyàn. Ilà dúró, ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń ṣẹ́jú lókè: ẹ̀rọ náà ti sọ etí gèlè di irun. Ọwọ́ ni mo fi tún ìyẹn yà kí a tó tẹ abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́.