Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Nọ́ńbà Inú Ìṣirò Onítàn Tí Kò Fi Ní Le Ju Ti Tẹ́lẹ̀ Lọ

Bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì wa iṣu 532. Ó kó 217 lọ tà l'Ádòó. Mélòó ló kù sílé?

Ohun kan ṣoṣo ni ìbéèrè yìí fẹ́ mọ̀: ṣé ọmọ tó ń ṣe ìṣirò náà lè yá mẹ́wàá? A ò lè yọ 7 kúrò nínú 2, nítorí náà ọmọ á yá mẹ́wàá lọ́wọ́ 3 tó wà ní ipò ẹ̀wá. 2 á di 12, 3 á di 2, ìdáhùn á sì jẹ́ 315.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ irú rẹ̀ púpọ̀ sí i, kí àwọn tó jókòó tira má baà wo iṣẹ́ ara wọn, kò gbọdọ̀ kàn mú nọ́ńbà tó bá ṣáà ti wá sí i lọ́kàn. Bí iṣu bá di 548, yíyá ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Bó bá di 502, òdo ló wà ní ipò ẹ̀wá, ọmọ á ní láti kọ́kọ́ lọ yá ní ipò ọgọ́rùn-ún. Ìtàn ò yí padà, àmọ́ àkọ́kọ́ ti rọ̀ jù, ìkejì sì ti le jù.

Òfin ló yẹ kí á kọ sílẹ̀ kí á tó mú nọ́ńbà. Ní ipò ẹyọ, ti òkè gbọ́dọ̀ kéré sí ti ìsàlẹ̀. Ní ipò ẹ̀wá àti ti ọgọ́rùn-ún, ti òkè gbọ́dọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí yíyá má baà di ẹ̀ẹ̀mejì.

Òfin kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ jù níbí. Ọmọ kan á fi 2 yọ kúrò nínú 7 dípò kó yá. Òmíràn á yá, ṣùgbọ́n á gbàgbé láti dín 3 kù. Nínú ìbéèrè òkè yìí, 325 ni àwọn méjèèjì máa kọ, olùkọ́ ò sì ní mọ èwo ló yẹ kó tún kọ́ ta ni. Ohun tó fà á ni pé 5 ló wà láàárín 2 àti 7. Kí àlàfo ipò ẹyọ má ṣe jẹ́ 5 rárá.

Ẹ wo 764 àti 328. 4 kéré sí 8, 6 ju 2 lọ, 7 ju 3 lọ, àlàfo ẹyọ sì jẹ́ 4. Ẹni tó gbà á á kọ 436. Ẹni tí kò yá á kọ 444. Ẹni tó yá tó gbàgbé á kọ 446. Ìwé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti ṣì í. 685 àti 439 náà bá òfin mu: 246 ni ìdáhùn, 254 àti 256 ni àṣìṣe méjèèjì.